Ìwé ìpàdé wa lédè Yorùbá: ẹ má ṣe fi ẹnu dídùn tú ìbò

Iṣẹ́ ìjọba ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìwé ni mò ń kọ níbẹ̀, ìwé náà ni mò ń kà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹgbẹ́ fi máa ń pè mí nígbà tí ìwé bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀kan nínú ìjà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹgbẹ́ tiwa náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé bíró sí Yorùbá, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí péfé.

Pé a ń tú u, ó dára. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ ní abala kìíní pé èdè Faransé ni èdè ìjọba. Abala 11 inú òfin kan náà sì sọ pé gbogbo ẹ̀yà ló ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Nítorí náà, péfé tó ń lọ sí mérì tàbí bánkì, Faransé ni. Èyí tó ń lọ sí ààfin àti ilé baálẹ̀, Yorùbá ló yẹ kó jẹ́. Ìwé méjì, ìpàdé kan ṣoṣo. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà ni ìgbà tí ìwé méjèèjì kò bá sọ ohun kan náà mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ yìí ní ilẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Oníṣòwò kan fẹ́ gba apá kan níbẹ̀ fún ọdún 5, kó máa san 600 000 faransi lọ́dún. Bíró ẹgbẹ́ pàdé, wọ́n jíròrò, wọ́n dìbò, sẹkiretẹ́ẹ̀rì kọ péfé ní Faransé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa tú u sí Yorùbá fún àwọn àgbà. Yorùbá rẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Òwe wà nínú rẹ̀, oríkì ìlú wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù méjì tí ẹgbẹ́ fi pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń pariwo pé ìbò àbòsí ni. Oníṣòwò ti san owó ọdún kan sílẹ̀, kò sì mọ ẹni tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.

Ni wọ́n bá pè mí. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú lórí tábìlì, Faransé lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà ìlà. Mo rí i pé ọmọ náà kò purọ́ rárá. Kò sì sí ẹni tó fún un lówó. Ibi mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, ṣùgbọ́n ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn gan-an ni ibi tí kò yẹ kí ó yẹ̀.

Ibi kìíní ni orúkọ àwọn tó wá. Bíró yẹn, ènìyàn 15 ni. Ìwé Faransé pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn 7 wá fúnra wọn. Àwọn 2 kò lè wá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ìwé aṣojú, ìyẹn pirokurasíọ̀n, pé kí ẹni kan bá wọn dìbò. Àwọn 3 ránṣẹ́ pé kí a má bínú, àwọn kò ní lè wá, wọn kò sì fi aṣojú ránṣẹ́. Àwọn 3 tó kù, a kò rí wọn, a kò gbúròó wọn. Ẹ ṣe é ní ìṣirò: 7, 2, 3 àti 3, ó jẹ́ 15, ó pé. Lẹ́yìn èyí, ìwé Faransé dárúkọ baálẹ̀ 3 tí bíró pè wá. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gbani nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìbò, nítorí wọn kì í ṣe ọmọ bíró.

Kí ni ọmọ wa kọ ní Yorùbá? Ó kọ pé: “Àwọn tó wá jẹ́ mẹ́wàá, àwọn tí kò wá jẹ́ mẹ́jọ.” Ó ti ko àwọn baálẹ̀ mẹ́ta mọ́ àwọn méje. Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe é o, torí ó rò pé àbùkù ni kí òun ya àgbà sọ́tọ̀. Ó sì ko ẹni tó fi aṣojú ránṣẹ́, ẹni tó tọrọ gáfárà àti ẹni tó kàn jókòó sílé pọ̀ sínú agbọ̀n kan náà. Ẹni tó bá ro 10 mọ́ 8 yóò rí 18. Bíró ènìyàn 15 ti di ènìyàn 18! Bí ẹ bá ti rí i pé iye àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá kò dọ́gba pẹ̀lú iye ọmọ bíró, ẹ ti mọ̀ pé ohun kan ti bà jẹ́ nínú ìtumọ̀ yẹn. Kò gba ìwé gíga láti rí i.

Ẹ wá wo ohun tí àṣìṣe kékeré yẹn dá sílẹ̀. Ìwé òfin ẹgbẹ́ náà, ìyẹn sitátù, sọ pé bíró kò lè pinnu ohunkóhun àfi tí iye tó ju ìdajì lọ bá “wá tàbí kí wọ́n ní aṣojú”. Èyí ni wọ́n ń pè ní kórọ́ọ̀mù. Nínú ènìyàn 15, ó gbọ́dọ̀ tó 8. Àwọn 7 tó wá kò tó o, ṣùgbọ́n tí a bá ro àwọn 2 tó ní aṣojú mọ́ wọn, ó di 9, ìpàdé sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ìwé Yorùbá, kò sí ẹni tó lè rí 9 yìí níbì kankan. Nígbà tí wọ́n wá ka ìbò tí wọ́n rí 9, àwọn tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà ní, “Ọmọ bíró méje ló jókòó níbẹ̀, ibo ni ìbò méjì yòókù ti wá? Ṣé láti ọ̀run ló já bọ́ ni?” Bẹ́ẹ̀ àwọn méjì tó kọ ìwé aṣojú wà nílé wọn, àlàáfíà ni wọ́n wà, ìtumọ̀ ló pa orúkọ wọn rẹ́.

Ó sì kan àwọn baálẹ̀ náà. Nígbà tí orúkọ wọn wà láàárín àwọn tó wá, àwọn ará ìlú gbà pé wọ́n dìbò. Baálẹ̀ kan tí kò la ẹnu sọ ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn di ẹni tí wọ́n ń bú lójú pópó pé ó ta ilẹ̀ ọjà. Ẹ̀yin ìjòyè wa, ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ má bínú bí a bá kọ orúkọ yín sí abẹ́ “Àwọn tí bíró pè, tí wọn kò ní ìbò”. Ẹni tí kò dìbò, ìwé ni yóò gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnu ayé bá fẹ́ dá a lẹ́bi.

Ibi kejì ni ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa fẹ́ràn: “gbà”. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí àdá olójú méjì. A gba owó, a gba àlejò, a gba ọ̀rọ̀ gbọ́, a gbà láti ṣe nǹkan, a gbà pé lóòótọ́ ni. Lójú pópó, kò séwu, nítorí ojú ẹni àti ohùn ẹni ń tú u fún wa. Nínú ìwé, kò sí ojú, kò sí ohùn. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, akápò ka ìròyìn owó. Ìwé Faransé sọ pé bíró “piráǹ-ákìtì” ìròyìn náà. Ìyẹn ni pé bíró gbọ́ ìròyìn, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbọ́ ọ. Ó parí síbẹ̀. Bíró kò sọ pé owó pé, kò sọ pé kò pé. Àwọn tó fẹ́ yẹ ìwé owó wò ṣì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. Bí bíró bá fọwọ́ sí ìròyìn ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni sẹkiretẹ́ẹ̀rì ìbá lò.

Ọmọ wa kọ pé: “Bíró gba ìròyìn akápò.” Akápò mú ìwé yẹn, ó ń fi hàn káàkiri pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé ẹgbẹ́ ti gba òun gbọ́. Àwọn tí wọ́n fẹ́ bi í ní ìbéèrè di ọ̀tá. Mi ò sọ pé akápò jí owó o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ìbò kankan lórí ìròyìn yẹn, síbẹ̀ ìwé Yorùbá sọ ọ́ di ìpinnu.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé kí a lé “gbà” jáde kúrò nínú àwọn ìlà tí ìpinnu wà. Kí ọ̀rọ̀ ìṣe kọ̀ọ̀kan ní Faransé ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní Yorùbá, kí a má sì pààrọ̀ rẹ̀ nítorí pé a ti lò ó lẹ́ẹ̀mejì tí ó ti ń sú wa. Bí bíró bá ní òun désídé, kí a kọ “Bíró pinnu”. Bí ó bá rẹkọmáńdé, kí a kọ “Bíró dámọ̀ràn”, nítorí ìmọ̀ràn kì í ṣe àṣẹ, ẹni tí a gbà nímọ̀ràn lè kọ̀. Bí ó bá piráǹ-ákìtì, kí a kọ “Bíró gbọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbọ́”. Bí ó bá adọpité ìwé kan, kí a kọ “Bíró fọwọ́ sí i nípa ìbò”. Bí ó bá fún ẹni kan ní máńdà, kí a kọ “Bíró fún lágbájá láṣẹ láti ṣe báyìí báyìí”, kí a má kọ pé “bíró rán lágbájá”, torí ẹni tí a rán lè máà ní àṣẹ láti fi ọwọ́ sí ìwé. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré nìyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ péfé ọdún márùn-ún wò, ẹ ó rí i pé àwọn ló ń yí po níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé, “Bàbá, Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ gán-ín bẹ́ẹ̀.” Mo ti gbọ́ ọ rí, mi ò sì fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tí a bá ń pín ogún, tàbí tí ìyàwó bá ń ka owó èsúsú, ṣé ẹ kò gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń gún régé? Kò sí ẹni tó ń fi òwe ka owó. Inú ìjíròrò ni kí òwe wà. Níbi tí sẹkiretẹ́ẹ̀rì ti kọ pé “lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀”, ẹ lè tú u bó bá ṣe wù yín, kí ó dùn. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ibi orúkọ, ibi ìpinnu àti ibi ìbò, kí adùn dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibi kẹta ni ìbò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló sì gbóná jù. Nínú ìbò 9 yẹn, àwọn 4 ní kí a fi ilẹ̀ háyà, àwọn 3 ní rárá, àwọn 2 takété sí ìbò, èyí tí Faransé ń pè ní abisitáńsíọ̀n. Ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ pé ìpinnu yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bí ó bá ní ìbò tó ju ìdajì “sufuráàjì ẹsipirimé” lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìbò àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ ni àti àwọn tó sọ rárá nìkan. Ẹni tó takété, a kò kà á sí ọ̀tún, a kò kà á sí òsì. Nítorí náà 4 àti 3 ni a ó kà, ó jẹ́ 7. Ohun tó ju ìdajì 7 lọ ni 4. Ìpinnu fẹsẹ̀ múlẹ̀, pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo.

Ọmọ wa kọ pé: “Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló gbà á.” Ẹ wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ iye àwọn tó wà níbẹ̀ àti àwọn tó ní aṣojú ni a ń lò, 9 ni wọ́n, ohun tó ju ìdajì 9 lọ ni 5. Ìbò 4 kò tó o. Nípa gbólóhùn yẹn, ìpinnu ti ṣubú! Ìbò kan náà, ọjọ́ kan náà, ènìyàn kan náà: ó yege nínú ìwé Faransé, ó ṣubú nínú ìwé Yorùbá. Kò sí ẹni tó ṣe màgòmágó. Àgbéléwọ̀n ló yí padà, àti pé ọ̀rọ̀ “ọ̀pọ̀” kò ní nọ́mbà nínú.

Òfin ẹgbẹ́ ti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1901, tí Faransé gbé kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa fi dúró tẹ́lẹ̀, kò sọ iye ìbò tí bíró gbọ́dọ̀ ní kó tó pinnu. Inú sitátù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wà. Ẹgbẹ́ kan lè lo èyí, èkejì lè lo ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ń tú péfé láì ní sitátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, afọ́jú ló ń tú u. Kí ó tó kọ ìlà ìbò, kí ó ṣí sitátù, kí ó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò níbẹ̀, kí ó sì lo ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà fún un ní ibi méjèèjì.

Àwọn méjì tó takété náà ní ẹjọ́ tiwọn. Nígbà tí ìjà dé, wọ́n ní, “Àwa ò gbà á.” Lóòótọ́ ni, wọn kò gbà á. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ rárá. Àwọn tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà ro àwọn méjì yìí mọ́ mẹ́ta, ó di márùn-ún, wọ́n ní àwọn ló borí. Àwọn ẹlòmíràn tún tú abisitáńsíọ̀n sí “kò dìbò”. Ìyẹn pẹ̀lú kò tọ́. Ẹni tí kò dìbò lè jẹ́ ẹni tó ti jáde lọ mu omi. Ẹni tó takété jókòó síbẹ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó sì sọ pé òun takété. Ó wà nínú kórọ́ọ̀mù, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, kí Yorùbá wa ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: “ó sọ bẹ́ẹ̀ ni”, “ó sọ rárá”, “ó takété sí ìbò”. Kí nọ́mbà sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òdo. Bí kò bá sí ẹni tó takété, kí a kọ 0. Kí a má sì kọ “gbogbo wa pátá” àfi tí ìwé Faransé bá sọ pé gbogbo wọn ni.

Ibi kẹrin yà mí lẹ́nu jù, torí pé ìwà rere wa ló fà á. Yorùbá ni wọ́n fi jíròrò lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà kan, ọmọ bíró, sọ pé òun kò fara mọ́ háyà náà. Nígbà tí ẹni kejì ń tún ọ̀rọ̀ wọn sọ, ó bu ọlá fún wọn bí ó ti yẹ, ó ní: “Wọ́n ní àwọn ò fara mọ́ ọn.” Sẹkiretẹ́ẹ̀rì gbọ́ “wọ́n”, ó gbọ́ “àwọn”, ó sì kọ ọ́ ní Faransé bíi pé ènìyàn púpọ̀ ló sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ wa tú Faransé padà sí Yorùbá, ó di “àwọn obìnrin ọjà kò fara mọ́ ọn”. Ohùn ìyá kan ṣoṣo ti di ohùn gbogbo ọjà! Àwọn obìnrin ọjà bínú, wọ́n ní kò sí ẹni tó bi àwọn léèrè. Bí a bá sì gba ọ̀nà kejì, ewu mìíràn wà níbẹ̀. Faransé lè pe baálẹ̀ ní “ìlì” lásán, ẹni tó bá tú u sí “ó” ti rí baálẹ̀ fín níwájú gbogbo ìlú.

Oògùn rẹ̀ kò le. Nínú ìwé ìpàdé, kí a má lo “ó”, kí a má lo “wọ́n” fún ẹni tó sọ̀rọ̀. Kí a kọ orúkọ tàbí oyè rẹ̀ ní gbogbo ìgbà: “Ìyá Lágbájá sọ pé òun kò fara mọ́ ọn. Baálẹ̀ Lágbájá gba bíró nímọ̀ràn pé kó dúró.” Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ àti oyè, iye ènìyàn kò sì ní daru.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó kún un ní ṣókí, torí pé òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ wa fẹ́ kọ 600 000 faransi ní Yorùbá ìjìnlẹ̀, ó kọ “ọgbọ̀n ọ̀kẹ́”. Ó tọ́, nítorí ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20 000. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ọ̀dọ́ tó kà á, kò sí ẹni tó mọ iye tí ọ̀kẹ́ jẹ́. Kí a kọ nọ́mbà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé Faransé, bó bá sì wu ẹni kó kọ ọ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, kò burú.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń tú ìwé fún wa mọ̀. Ẹni tó ń tú ìwé kì í ṣe adájọ́, kì í sì í ṣe sẹkiretẹ́ẹ̀rì. Bí ó bá rí i nínú Faransé pé ìbò 4, 3 àti 3 ni wọ́n kọ, nígbà tí àwọn tó ní ìbò jẹ́ 9, kí ó má ṣe tún un ṣe. Kí ó kọ ọ́ bó ṣe rí i, kí ó sì fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí sẹkiretẹ́ẹ̀rì pé ìṣirò yìí kò pé. Ìpàdé tó ń bọ̀ ni yóò ṣe àtúnṣe rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ka péfé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Bí ọmọ wa bá fi ọgbọ́n orí rẹ̀ sọ 3 di 2, ìwé méjì yóò wà nílẹ̀ tí kò bá ara mu, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èyí tó tọ́.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ṣe parí? Mo ní kí wọ́n kọ àwọn ìlà mẹ́rin yẹn tuntun. Lẹ́yìn náà mo wá ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì, tí kò rí ìwé Faransé rí, mo ní kí ó fi ẹnu tú Yorùbá tuntun náà padà sí Faransé, kí sẹkiretẹ́ẹ̀rì máa fi ìka tẹ̀ lé e nínú ìwé tirẹ̀. Ibi tí ẹnu àti ìka kò bá ti bára mu, a dúró, a tún un ṣe. Ìlà ogún péré ni, kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìwé tuntun fún àwọn àgbà, àwọn tí kò fẹ́ háyà ṣì wà tí kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún sọ pé ìbò já bọ́ láti ọ̀run. Wọ́n ní àwọn yóò dúró de ìpàdé gbogbogbò. Ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn.

Nítorí náà, mo ń bẹ bíró wa pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n fi ohun mẹ́ta sórí tábìlì, kí a sì dìbò lé wọn lórí. Kìíní, ìwé pélébé kan tí àwọn ọ̀rọ̀ ìpinnu, ọ̀rọ̀ ìbò àti ọ̀rọ̀ orúkọ yóò wà lórí rẹ̀, Faransé lọ́tùn-ún, Yorùbá lósì, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń tú péfé kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Èkejì, kí sẹkiretẹ́ẹ̀rì máa ka ìpinnu kọ̀ọ̀kan àti ìbò rẹ̀ sókè ní èdè méjèèjì kí ìpàdé tó tú ká, nígbà tí àwọn tó dìbò ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ìlà kan wà nísàlẹ̀ ìwé Yorùbá tó máa sọ èyí tí a ó tẹ̀ lé nínú ìwé méjèèjì bí wọ́n bá yàtọ̀. Èrò tèmi ni pé kí ó jẹ́ Faransé fún báyìí, nítorí òun ni bíró fọwọ́ sí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí ohun tí mo sọ yìí. Kí wọ́n wá, ká jọ sọ ọ́.

Bí a bá sì dìbò lé e lórí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ iye àwọn tó takété.